Níbo ni δ = ε/3 ti ń wá? Ẹ̀rí lìmíìtì fún fọ́nkíṣọ̀n ìlà gbọọrọ

Àṣàkẹ́ Ọdún Kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ká fi ẹpísílọ̀n àti dẹ́ltà jẹ́rìí sí i pé bí x bá ń sún mọ́ 4, lìmíìtì 3x − 5 jẹ́ 7. Ìwé tí mò ń lò kàn sọ pé "Mú δ = ε/3", ó kọ ìlà bíi mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀, ó ní ó parí. Mo lè tẹ̀ lé àwọn ìlà yẹn, àmọ́ mi ò mọ ibi tó ti rí ε/3. Ṣé ká há a sórí ni? Tí wọ́n bá yí nọ́ńbà padà nínú ìdánwò ńkọ́? Ohun tí èmi kọ rèé:

|3x − 5 − 7| < ε
|3x − 12| < ε
3|x − 4| < ε
|x − 4| < ε/3
Nítorí náà δ = ε/3. Ó parí.

Máàkì 2 nínú 6 ni wọ́n fún mi, wọn ò sì kọ ìdí rẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù níbẹ̀?

Sùúrù Lérè

Àbúrò, o kàn ń da ara ẹ láàmú ni. Fi 4 sí ipò x: ìlọ́po 3 rẹ̀ jẹ́ 12, yọ 5 kúrò, ó ku 7. Lìmíìtì ti jáde nìyẹn. Kí ni ẹpísílọ̀n ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Àgbà Oníṣirò

Ẹ̀gbọ́n Sùúrù, ìbéèrè mìíràn lẹ dáhùn yẹn. Wọn ò ní kó wá lìmíìtì, wọ́n ti gbé 7 lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rí pé 7 ni lóòótọ́ ni wọ́n ń béèrè. Bí ẹ bá fi 4 sí ipò x, ohun tí fọ́nkíṣọ̀n náà jẹ́ nígbà tí x bá dé orí 4 gan-an lẹ rí. Lìmíìtì sì ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká 4, láìka 4 fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé ìdáhùn méjèèjì máa ń bára mu fún ìlà gbọọrọ, àmọ́ ohun tí ẹ̀rí yìí fẹ́ fi hàn gan-an nìyẹn. A ò lè fi ohun tí à ń wá ẹ̀rí fún ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀.

Àṣàkẹ́, kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò rẹ. Iṣẹ́ ẹ̀yìn ìwé, ìyẹn ìṣirò tí èèyàn fi ń wá δ, lo fi sílẹ̀, o ò tíì kọ ẹ̀rí. Nǹkan méjì ni wọ́n, ọ̀tọ̀ sì ni ìtọ́sọ́nà tí kálukú ń gbà.

Kọ́kọ́ wo ohun tí gbólóhùn lìmíìtì ń sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá mú ε wá, bó ti wù kó kéré tó, níwọ̀n ìgbà tó bá ti ju òdo lọ, o gbọ́dọ̀ lè fún un ní δ kan tí òun náà ju òdo lọ. δ yẹn gbọ́dọ̀ rí báyìí: gbogbo x tí àlàfo rẹ̀ sí 4 bá kéré sí δ, tí kì í sì í ṣe 4 fúnra rẹ̀, 3x − 5 tirẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà sí 7 tó ε. Kíyè sí bí wọ́n ṣe dé tẹ̀ léra. ε ló kọ́kọ́ dé, δ tẹ̀ lé e, x ló dé kẹ́yìn. Nítorí náà δ lè gbára lé ε, àmọ́ kò lè gbára lé x, torí pé x ò tíì dé nígbà tí ò ń yan δ.

Ó kan iṣẹ́ ẹ̀yìn ìwé. Ohun tí a fẹ́ kó kéré la fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn |(3x − 5) − 7|. Ó di |3x − 12|. Fa 3 jáde, ó di 3|x − 4|. Dúró síbẹ̀ kí o wò ó dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. |x − 4| ni àlàfo tí δ ń ṣàkóso. Ìlà yẹn ń sọ fún ọ pé bí x bá fi ìwọ̀n kan jìnnà sí 4, 3x − 5 á fi ìlọ́po 3 ìwọ̀n náà jìnnà sí 7, kò lé, kò dín. Tí o ò bá fẹ́ kí ìlọ́po 3 àlàfo kan tó ε, àlàfo náà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ε. Ibẹ̀ ni ε/3 ti jáde. Kò sí ohun tó yẹ kí o há sórí.

Ẹ̀rí gan-an wá rèé, bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò:

Jẹ́ kí ε > 0 jẹ́ èyíkéyìí. Mú δ = ε/3. Níwọ̀n bí ε ti ju òdo lọ, δ náà ju òdo lọ. Jẹ́ kí x jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí tí 0 < |x − 4| < δ. Nígbà náà,

|(3x − 5) − 7| = |3x − 12| = 3|x − 4| < 3δ = 3(ε/3) = ε.

Nítorí náà, bí x bá ń sún mọ́ 4, lìmíìtì 3x − 5 jẹ́ 7.

Fi wé tìrẹ. Ìlà àkọ́kọ́ tìrẹ, |3x − 5 − 7| < ε, ni ohun tó yẹ kó jáde ní ìgbẹ̀yìn. O bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí o fẹ́ jẹ́rìí sí, o wá parí sórí ohun tó yẹ kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Kọ́lá Onímọ̀-Ẹ̀rọ

Àgbà, mo gbà pẹ̀lú yín lórí èyí tó pọ̀, àmọ́ mi ò rò pé ó yẹ kí wọ́n yọ máàkì 4 lórí èyí. Gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ló ṣeé gbà padà sẹ́yìn. |3x − 12| < ε àti |x − 4| < ε/3 ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ká ní ó fi àmì ⇔ sáàárín ìlà kọ̀ọ̀kan ni, ẹ̀rí náà ti pé.

Màmá Tíṣà

Kọ́lá, òótọ́ ni pé wọ́n ṣeé gbà padà. Àmọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Kò sí "jẹ́ kí ε > 0", kò sí "jẹ́ kí x", kò sí gbólóhùn kankan tó so ìlà kan mọ́ èkejì. Ẹni tó ń máàkì kò lè mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ̀ pé ọ̀nà náà ṣeé gbà padà, tàbí pé ó kàn ń sọ áljíbrà kalẹ̀ ni.

Ìdí kan tún wà tí a fi ń le koko mọ́ ọn. Láti orí irọ́, èèyàn lè fi ìgbésẹ̀ tó tọ̀nà dé orí òótọ́. Kọ −2 = 2, sọ apá méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, wàá rí 4 = 4. Òótọ́ ni 4 = 4, ìyẹn ò sì sọ −2 di 2. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn máa ń mórí bọ́ lórí ìlà gbọọrọ, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìgbésẹ̀ ti ṣeé gbà padà. Tó bá dé orí x² tàbí 1/x, tó ti ní láti fi nǹkan tó tóbi jù rọ́pò nǹkan kan láàárín ọ̀nà, kò ní lè padà mọ́, kò sì ní mọ ibi tó ti ṣìnà.

Kọ́lá Onímọ̀-Ẹ̀rọ

Mo gbọ́, mà. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi ⇔ sí i, tó sì kọ "jẹ́ kí ε > 0" sókè, èmi á fún un ní máàkì tó pé.

Màmá Tíṣà

Èmi á yọ 1. Kálukú ló mọ bó ṣe ń máàkì.

Táíwò Àbùjá

Àṣàkẹ́, má jẹ́ kí wọ́n fi àlàyé gígùn dẹ́rù bà ẹ́. Fún ìlà gbọọrọ èyíkéyìí, wo nọ́ńbà tó wà níwájú x, kí o fi pín ε. Tó bá jẹ́ 3x − 5, ε/3. Tó bá jẹ́ 8x + 1, ε/8. Kò tún sí wàhálà kankan mọ́.

Bísí Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n Táíwò, ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, òun ló sì kó mi sí wàhálà. Tèmi ni 7 − 2x, x ń sún mọ́ 3, lìmíìtì jẹ́ 1. Nọ́ńbà tó wà níwájú x ni −2, mo bá kọ δ = −ε/2. Wọ́n fi pupa fa ilà yí i ká, wọ́n kọ "rárá" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ìṣirò tí mo ṣe lẹ́yìn náà bá ara mu, torí −2 ìlọ́po −ε/2 jẹ́ ε. Kí ló wá burú níbẹ̀?

Àgbà Oníṣirò

Bísí, ohun tó burú ni pé δ rẹ kéré sí òdo. Wo ohun tó tẹ̀ lé e: |x − 3| < −ε/2. Àlàfo kì í kéré sí òdo láéláé, torí náà kò sí x kankan tó lè wọ inú ibẹ̀. Ìlérí tí o wá ń ṣe fún "gbogbo x" kò kan ẹnikẹ́ni. Ká ní òfin gba irú δ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà kan náà ni o máa gbà fi hàn pé lìmíìtì 7 − 2x jẹ́ 100, tàbí ohunkóhun tó bá wù ẹ́. Ìdí rèé tí wọ́n fi tẹnu mọ́ δ > 0.

Ibi tí àmì òdì ti yẹ kó kúrò ni inú àwọn ọ̀pá méjèèjì:

|(7 − 2x) − 1| = |6 − 2x| = |−2(x − 3)| = |−2| · |x − 3| = 2|x − 3|.

Bí −2 ṣe ń jáde láàárín ọ̀pá, 2 ló ń dà. Nítorí náà, δ = ε/2. Pé ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ dípò kó máa gòkè kò yí ohun kankan padà, torí bí ó ṣe jìnnà tó là ń wọ̀n, a ò béèrè apá ibi tó forí lé.

Tó bá jẹ́ èèyàn fẹ́ àbùjá Táíwò, kó sọ ọ́ báyìí: fún mx + b, tí m kì í bá ṣe òdo, δ = ε/|m|. Kó sì rántí pé ìlà yẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ṣì máa kọ ìyókù.

Táíwò Àbùjá

Ẹ ṣeun, Àgbà. Mo gbàgbé àwọn ọ̀pá yẹn. Tí m bá wá jẹ́ òdo ńkọ́? Ká ní fọ́nkíṣọ̀n náà kàn jẹ́ 5 níbi gbogbo?

Àgbà Oníṣirò

Nígbà náà, |5 − 5| = 0, 0 sì kéré sí ε èyíkéyìí. δ tó bá wù ẹ́ ni kí o mú, 1 tàbí 1000. Má kàn gbìyànjú láti fi òdo pín ε. Ẹni tí kò bá fẹ́ pín in sí ọ̀nà méjì lè mú δ = ε/(|m| + 1). Ìlọ́po |m| rẹ̀ kò lè tó ε láéláé, yálà m jẹ́ òdo tàbí kò jẹ́ ẹ.

Àṣàkẹ́ Ọdún Kìíní

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ ṣé, mà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé yẹn ti yé mi. Ohun tó kù ni pé Àgbà ní èèyàn lè mú ε/(|m| + 1). Fún tèmi, ìyẹn á jẹ́ ε/4. Ṣé ε/4 náà tọ̀nà ni? Mo rò pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà.

Màmá Tíṣà

Ó tọ̀nà, ọmọ mi. Kò sí δ kan ṣoṣo. Èyí tó bá ti ṣiṣẹ́, gbogbo èyí tó kéré sí i tó sì ju òdo lọ náà á ṣiṣẹ́, torí pé àwọn x tó wà nínú àyíká kékeré ti wà nínú ńlá tẹ́lẹ̀. ε/4, ε/10, gbogbo wọn ló dáa. Èyí tó bá tóbi ju ε/3 lọ ni kò dáa.

Fi nọ́ńbà dán an wò kí o lè fojú rí i. Ká ní ε = 0.3. Ìlérí wa ni pé 3x − 5 á wà láàárín 6.7 àti 7.3. Pẹ̀lú ε/3, δ jẹ́ 0.1. Mú x = 4.09. Ìlọ́po 3 rẹ̀ jẹ́ 12.27, yọ 5, ó ku 7.27. Ó fi 0.27 jìnnà sí 7, ìlérí ṣẹ. Wàyí o, ká ní ẹnì kan mú δ = ε/2, ìyẹn 0.15. x = 4.12 wọ inú àyíká rẹ̀, torí 0.12 kéré sí 0.15. Ìlọ́po 3 rẹ̀ jẹ́ 12.36, yọ 5, ó ku 7.36. Ó ti fi 0.36 jìnnà sí 7, ó ti kọjá 0.3. x kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ti tó láti ba δ náà jẹ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o: nọ́ńbà lè ba δ tí kò dáa jẹ́, kò lè jẹ́rìí sí èyí tó dáa. Mo ti rí ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ε = 0.1, ε = 0.01, ε = 0.001 kalẹ̀, tó wá δ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ní òun ti jẹ́rìí. ε mẹ́ta péré ló dá lóhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ε sílẹ̀ bí lẹ́tà látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Fẹ́mi Alábẹ́rẹ́

Ẹ gbà mí o. Mo lo ọ̀nà yìí fún x², x ń sún mọ́ 2, lìmíìtì 4. |x² − 4| = |x + 2||x − 2|, torí náà mo mú δ = ε/|x + 2|. Ṣé mo gbà á?

Àgbà Oníṣirò

Rárá, Fẹ́mi. x wà nínú δ rẹ, x ò sì tíì dé nígbà tí ò ń yan δ. Ìlà gbọọrọ rọrùn torí pé ohun tó ń sọ |x − 4| di púpọ̀ jẹ́ 3 níbi gbogbo. Nínú tìrẹ, ohun tó ń sọ ọ́ di púpọ̀ ni |x + 2|, ó sì ń yí padà bí x ṣe ń rìn. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sé e mọ́. Pinnu pé δ kò ní ju 1 lọ. x á wà láàárín 1 àti 3, |x + 2| á sì kéré sí 5. Lẹ́yìn náà, mú èyí tó kéré jù nínú 1 àti ε/5. Ẹ jẹ́ ká dá ojú ìwé ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ìyẹn, kó má bàa da ti Àṣàkẹ́ rú.

Sùúrù Lérè

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òwúrọ̀. Ó ti yé mi pé kì í ṣe wíwá lìmíìtì ni wọ́n ń béèrè. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ká ní ẹnì kan ní lìmíìtì náà jẹ́ 8. Ṣé kò lè wá δ kan tó máa bá a mu bákan náà? Báwo ni ẹ̀rí yìí ṣe ń mú onírọ́?

Àgbà Oníṣirò

Ìbéèrè gidi lẹ bi yìí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú. Ó máa kọ |(3x − 5) − 8| = |3x − 13|. Kí ó fa 3 jáde, |x − 13/3| ló máa rí, kì í ṣe |x − 4|. Àmì àkọ́kọ́ nìyẹn. Nínú ìlà gbọọrọ, tí x − 4 kò bá jáde gẹ́lẹ́ nígbà tí ẹ fa nọ́ńbà síta, ọ̀kan nínú méjì ni: ẹ ṣì áljíbrà ṣe, tàbí lìmíìtì tí wọ́n fún yín kì í ṣe òun.

Láti wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kì í ṣe 8, ε kan ṣoṣo tí kò sí δ tó lè dá a lóhùn ti tó. Mú ε = 1/2. Ẹ jẹ́ kó mú δ tó bá wù ú wá. Ẹ̀yin mú x = 4 − δ/2. Ó wà nínú àyíká rẹ̀, torí δ/2 ló fi jìnnà sí 4. 3x − 5 níbẹ̀ jẹ́ 7 − 3δ/2, ó sì fi 1 + 3δ/2 jìnnà sí 8. Ìyẹn ju 1 lọ, ká má tiẹ̀ tíì sọ 1/2. Kò sí δ tó máa mú un bọ́ nínú èyí, bó ti wù kó kéré tó.

Bísí Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ dákun, kí ni 0 < |x − 4| yẹn ń ṣe níbẹ̀? Nínú ẹ̀rí tí Àgbà kọ, mi ò rí ibi tí ẹ ti lò ó. Ká yọ ọ́ kúrò, ṣé ẹ̀rí náà ò ní dúró?

Àgbà Oníṣirò

Ojú rẹ mú, Bísí. Fún 3x − 5, a ò nílò rẹ̀. Tí x bá jẹ́ 4 gan-an, àlàfo náà jẹ́ 0, 0 sì kéré sí ε. Ẹ̀rí náà dúró pẹ̀lú rẹ̀ tàbí láìsí i. A ń kọ ọ́ torí pé ó wà nínú ìtumọ̀ lìmíìtì, ibòmíràn sì wà tó ti ṣe pàtàkì. Wo (3x² − 17x + 20)/(x − 4). Òkè rẹ̀ jẹ́ (3x − 5)(x − 4). Níbi gbogbo tí x kì í ti í ṣe 4, ohun kan náà ni pẹ̀lú 3x − 5. Lórí 4 gan-an, kò ní iye kankan, torí òdo lórí òdo ni. Síbẹ̀ lìmíìtì rẹ̀ jẹ́ 7, δ = ε/3 sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Níbẹ̀, 0 < |x − 4| ló fún ọ láyè láti fagi lé x − 4 lókè àti nísàlẹ̀. Bí o ò bá kọ ọ́, o ò ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé e.

Ẹ̀gbọ́n Sùúrù, ẹ wò ó, fífi 4 sí ipò x kò lè ran èèyàn lọ́wọ́ níbí.

Àṣàkẹ́ Ọdún Kìíní

Mo mú òmíràn láti inú ìwé, mo dá a ṣe. x/2 + 1, x ń sún mọ́ −6, lìmíìtì −2. Ẹ bá mi wò ó.

Ẹ̀yìn ìwé: |(x/2 + 1) − (−2)| = |x/2 + 3| = (1/2)|x + 6|. x + 6 ni x − (−6), torí náà òun ni àlàfo tí mo fẹ́. Kí ìdajì rẹ̀ má bàa tó ε, òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 2ε.

Ẹ̀rí: Jẹ́ kí ε > 0. Mú δ = 2ε, tó ju òdo lọ. Jẹ́ kí 0 < |x + 6| < δ. Nígbà náà, |(x/2 + 1) + 2| = (1/2)|x + 6| < (1/2)δ = ε. Nítorí náà lìmíìtì náà jẹ́ −2.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé δ mi tóbi ju ε lọ. Ṣé kò burú?

Màmá Tíṣà

Kò burú rárá. Ìlà yẹn kò dagẹ̀rẹ̀ púpọ̀, ìdajì ohun tí x bá fi rìn ni òun fi ń rìn, nítorí náà o lè fún x láyè tó tó ìlọ́po méjì ε. Kò sí òfin tó ní kí δ kéré sí ε. Ẹni tó bá kọ δ = ε/2 níbẹ̀ náà kò ní ṣìnà, ó kàn ṣọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nínú ìbéèrè yìí ni àmì òdì méjì yẹn. Wọ́n á kọ |x − 6|, tàbí kí wọ́n yọ 2 dípò kí wọ́n fi kún un. O gba méjèèjì.

Ohun kan ṣoṣo: o kọ "Jẹ́ kí 0 < |x + 6| < δ" láìsọ pé x èyíkéyìí ni. Fi "fún gbogbo x tí" síwájú rẹ̀. Máàkì 6 nínú 6 lọ́wọ́ tèmi.

Kọ́lá Onímọ̀-Ẹ̀rọ

Àṣàkẹ́, ó dáa gan-an. Àmọ́ mà, ṣé ẹ máa yọ máàkì tí kò bá kọ iṣẹ́ ẹ̀yìn ìwé yẹn sílẹ̀ rárá, tó kàn bẹ̀rẹ̀ látorí "Mú δ = 2ε"?

Màmá Tíṣà

Èmi ò ní yọ ohunkóhun, ẹ̀rí ti pé láìsí i. Àmọ́ àwọn olùkọ́ kan wà tó fẹ́ rí i, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìbéèrè pé "fi bí o ṣe rí δ hàn". Kí ó ka ìbéèrè rẹ̀ dáadáa kó tó pinnu.

Àgbà Oníṣirò

Èmi máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n fa ilà sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí. Tí àṣìṣe bá wà nínú δ, iṣẹ́ ẹ̀yìn ìwé yẹn ni mo fi máa mọ̀ bóyá áljíbrà ló ṣì tàbí òye.